Èlé Lọ́tọ̀, Ojú Owó Lọ́tọ̀: Bí A Ṣe Ń Kọ Gbèsè Báǹkì Sínú Ìwé

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní ìlú Ẹdẹ, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun

 

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá. Nígbà tí ẹni tó yáwó báǹkì bá san owó oṣù kan, owó méjì ló san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Apá kan jẹ́ èlé, apá kejì jẹ́ ojú owó. Báǹkì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú ìwé tiwọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣòwò kì í pín in. Tí ọdún bá parí, ìwé wa á máa sọ pé a pàdánù nígbà tí a jèrè, tàbí pé a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san gbèsè tán nígbà tí gbèsè ṣì pọ̀ nílẹ̀.

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ ìyàtọ̀ èlé àti ojú owó. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàlàyé ètò ìwọ̀fà nínú ìwé náà. Ẹni tó yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀ olówó kó máa bá a ṣiṣẹ́ oko. Iṣẹ́ yẹn ni èlé. Kò dín ojú owó kù rárá. Ìbáà jẹ́ ọdún kan ni ìwọ̀fà fi ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ogún ọdún, iye tí wọ́n yá gan-an ni wọn yóò kó wá ní odindi kó tó lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ro ìyẹn dáadáa á rí i pé ìnira ìwọ̀fà wà nínú ohun kan: gbogbo làálàá lọ sínú èlé, kò sí èyí tó kan ojú owó.

Èsúsú àti àjọ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú èsúsú, iye tí oníkálùkù bá dá ni yóò kó, kò sí èlé níbẹ̀. Nínú àjọ, alájọ á mú owó ọjọ́ kan nínú oṣù gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, ó parí. Èyí ni ọ̀nà owó tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ọjà Tìmì àti Owódé fi dàgbà, ìdí sì nìyẹn, lójú tèmi, tí wọ́n fi ń wo owó oṣooṣù báǹkì bí ẹni ń wo owó èsúsú: mo ti dá ti oṣù yìí, ó ku ti oṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀yáwó báǹkì tí à ń san lóṣooṣù kì í ṣe èsúsú, kì í sì í ṣe ìwọ̀fà. Nínú owó kọ̀ọ̀kan tí a bá san, báǹkì á kọ́kọ́ mú èlé oṣù náà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni yóò gé ojú owó. Nítorí pé ojú owó ń dín kù, èlé oṣù tó tẹ̀ lé e á kéré sí i, àyè á sì gba ojú owó láti dín kù sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e títí dé òpin. Ká sọ pé ìyá kan ń ṣe búrẹ́dì ní Owódé. Àpẹẹrẹ ni o, n kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ làwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ fi ń po ìyẹ̀fun, ó wá fẹ́ ra ẹ̀rọ ìpoyẹ̀fun. Báǹkì yá a ní ₦1,200,000 ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án, pẹ̀lú èlé ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, kó fi oṣù méjìlá san án, kí owó kọ̀ọ̀kan máa bọ́ sí ọjọ́ 15 oṣù, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹwàá. Iye èlé yẹn kì í ṣe àsọdùn. Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, tí ìwọ̀n èlé rẹ̀ wà ní 11.5 nínú ọgọ́rùn-ún títí di oṣù karùn-ún ọdún 2022, ti gbé e dé 27.5 nígbà tó fi di oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ló tó sọ ọ́ kalẹ̀ sí 27. Orí ìwọ̀n yẹn làwọn báǹkì ń lé tiwọn sí.

Ìdá 30 lọ́dún túmọ̀ sí ìdá 2.5 lóṣù. Iye tí ìyá yìí yóò máa san lóṣooṣù ni ₦116,985. Iye yẹn kì í ṣe àbá ọ̀gá báǹkì. Iye kan ṣoṣo ni, tó jẹ́ pé bí a bá san án nígbà méjìlá, tí a sì ń ka èlé lórí ohun tó bá kù nìkan, gbèsè yóò tán pátá ní oṣù kejìlá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tó lè ṣí Ẹ́ksẹ̀lì lè wá a fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ àwọn ìlà mẹ́ta yìí:

```
=PMT(2.5%,12,-1200000)
=IPMT(2.5%,1,12,-1200000)
=PPMT(2.5%,1,12,-1200000)
```

Ìlà àkọ́kọ́ á fún yín ní 116,984.55, èyí tí a sún sí náírà tó sún mọ́ ọn. Ìlà kejì á fún yín ní èlé oṣù kìn-ín-ní, 30,000. Ìkẹta á fún yín ní ojú owó tí oṣù náà gé, 86,984.55. Bí ẹ bá yí 1 tó wà ní àárín padà sí 2 tàbí sí 3, ẹ ó rí ti oṣù kejì àti ti ìkẹta.

Àmọ́ kò pọn dandan kéèyàn ní kọ̀ǹpútà. Tí ẹ bá ti mọ owó oṣooṣù, pẹ́ńsù, ìwé àti ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tó. Ẹ fi 0.025 sọ gbèsè tó kù di púpọ̀, èlé oṣù yẹn nìyẹn. Ẹ yọ èlé kúrò nínú 116,985, ojú owó tí ẹ san nìyẹn. Ẹ yọ ojú owó yẹn kúrò nínú gbèsè, ohun tó kù lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí a bá ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dé òpin, tábìlì ìsangbèsè ìyá oníbúrẹ́dì nìyí, ní náírà:

| Oṣù | Owó tí a san | Èlé | Ojú owó | Gbèsè tó kù |
|---|---|---|---|---|
| 1 | 116,985 | 30,000 | 86,985 | 1,113,015 |
| 2 | 116,985 | 27,825 | 89,160 | 1,023,855 |
| 3 | 116,985 | 25,596 | 91,389 | 932,466 |
| 4 | 116,985 | 23,312 | 93,673 | 838,793 |
| 5 | 116,985 | 20,970 | 96,015 | 742,778 |
| 6 | 116,985 | 18,569 | 98,416 | 644,362 |
| 7 | 116,985 | 16,109 | 100,876 | 543,486 |
| 8 | 116,985 | 13,587 | 103,398 | 440,088 |
| 9 | 116,985 | 11,002 | 105,983 | 334,105 |
| 10 | 116,985 | 8,353 | 108,632 | 225,473 |
| 11 | 116,985 | 5,637 | 111,348 | 114,125 |
| 12 | 116,978 | 2,853 | 114,125 | 0 |

Owó ìkẹyìn fi náírà méje dín sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí kọ́bọ̀ tí à ń sún kiri láti oṣù kìn-ín-ní. Báyìí ló máa ń rí, kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àròpọ̀ èlé jẹ́ ₦203,813.

Ẹ wo òpó ojú owó láti òkè wá sísàlẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìdá 2.5 ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ẹ mú 86,985, ẹ fi 1.025 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó kan 89,160. Ẹ tún un ṣe, ẹ ó kan 91,389. Ìdánwò yìí ni mo fẹ́ràn jù fún tábìlì tí báǹkì bá fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí àwọn iye ojú owó kò bá dàgbà ní ìwọ̀n èlé oṣù kan náà, tàbí bí gbogbo wọn bá dọ́gba délẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ka èlé. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Ó wá kan ìwé kíkọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án tí owó wọlé, ìyá oníbúrẹ́dì tàbí akọ̀wé owó rẹ̀ á kọ ₦1,200,000 sí apá dẹ́bíìtì ojú-ewé báǹkì, á sì kọ iye kan náà sí apá kírẹ́díìtì ojú-ewé tó pè ní Gbèsè Báǹkì. Owó yìí kì í ṣe èrè, kò sì gbọdọ̀ sí níbi tí wọ́n ń kọ owó ọjà sí. Nígbà tó fi odindi owó náà ra ẹ̀rọ, dẹ́bíìtì bọ́ sí ojú-ewé Ẹ̀rọ, kírẹ́díìtì bọ́ sí báǹkì. Títí di ìsinsìnyí, ìnáwó kankan kò tíì wọ ìwé èrè àti àdánù.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, báǹkì fa ₦116,985 yọ. Ibí ni iṣẹ́ wà. Kírẹ́díìtì báǹkì jẹ́ ẹyọ kan, ₦116,985. Ṣùgbọ́n dẹ́bíìtì gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì: ₦30,000 sí ojú-ewé Èlé, tó jẹ́ ìnáwó, ₦86,985 sí ojú-ewé Gbèsè Báǹkì, tó ń dín gbèsè kù. Ní oṣù kọkànlá, owó tó jáde kò yí padà, àmọ́ èlé di ₦27,825, ojú owó di ₦89,160. Akọ̀wé owó tó bá ń da ti oṣù tó kọjá kọ láìwo tábìlì ti ṣìnà láti oṣù kejì.

Kí ló dé tí a kò lè kọ gbogbo rẹ̀ sí ìnáwó ká sinmi? Ìdí wà, ó sì wà nínú ẹ̀rọ ìpoyẹ̀fun yẹn. Owó ẹ̀rọ náà ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà wọ ìnáwó. Bí a bá gbà pé ẹ̀rọ yóò lo ọdún márùn-ún, ₦240,000 lọ́dọọdún ni a óò máa kọ gẹ́gẹ́ bí ìdínkù iye rẹ̀ nítorí lílò. Bí a bá tún wá kọ ojú owó tí a fi rà á sí ìnáwó, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni a kà lẹ́ẹ̀mejì. Èlé nìkan ni iye tí yíyá owó ná wa. Òfin owó orí ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú tẹ̀ lé ọ̀nà yìí: ó gbà kí a yọ èlé ẹ̀yáwó tí a fi ṣòwò kúrò nínú èrè kí a tó ṣírò owó orí, kò gbà kí a yọ ojú owó.

Ẹ jẹ́ ká wo bí àṣìṣe náà ṣe máa ń rí ní òpin ọdún. Ó di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Ìyá oníbúrẹ́dì ti san owó mẹ́ta, àpapọ̀ ₦350,955. Èlé tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ₦83,421, ojú owó sì jẹ́ ₦267,534. Bí ó bá ti kọ odindi ₦350,955 sí ìnáwó, ó ti fi ₦267,534 dín èrè ara rẹ̀ kù láìnídìí, ìwé rẹ̀ á sì tún máa sọ pé òun ṣì jẹ báǹkì ní ₦1,200,000 géérégé. Ẹni tó bá rí i tí gbèsè nínú léjà dúró sójú kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti yáwó, kí ó mọ̀ pé àṣìṣe yìí ló wà níbẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Àwọn kan á kọ odindi ₦350,955 sí Gbèsè Báǹkì. Tiwọn á máa sọ pé ó ku ₦849,045, nígbà tí báǹkì ń sọ pé ó ku ₦932,466. Èyí léwu ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ó ń dùn mọ́ni nínú. Èrè pọ̀, gbèsè kéré, ara tuni. Nígbà tó bá di owó kọkànlá, ojú-ewé Gbèsè Báǹkì á ti kọjá òdo, á máa sọ pé báǹkì ló jẹ wá lówó. Tí owó ìkẹyìn bá jáde, ₦203,813 á dúró ní apá tí kò yẹ, iye èlé gan-an tí wọn kò kọ rí. Mo ti rí ìwé ilé-iṣẹ́ tó dúró bẹ́ẹ̀, tí onílé-iṣẹ́ sì ti ná èrè tí kò sí.

Ohun kan tún kù ní òpin ọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sábà máa ń gbàgbé rẹ̀. Owó ìkẹta jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá. Láti ọjọ́ yẹn dé ọjọ́ 31, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ti kọjá, èlé sì ń sáré lórí ₦932,466 ní gbogbo ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó tíì béèrè rẹ̀. Èlé oṣù kẹrin jẹ́ ₦23,312 fún ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyẹn ₦752 lójúmọ́. Ti ọjọ́ mẹ́rìndínlógún jẹ́ ₦12,032. A óò kọ ọ́ sí dẹ́bíìtì Èlé, a óò sì kọ ọ́ sí kírẹ́díìtì Èlé Tí A Jẹ. Nípa báyìí, èlé tó wọ ìwé ọdún náà jẹ́ ₦95,453, gbèsè tó wà nílẹ̀ lápapọ̀ sì jẹ́ ₦944,498. Bí báǹkì yín bá ń ka èlé lójoojúmọ́, tí wọ́n ń pín ọdún sí ọjọ́ 365, iye tiwọn lè fi díẹ̀ yàtọ̀ sí èyí, tábìlì wọn pàápàá lè fi ọgọ́rùn-ún díẹ̀ náírà yàtọ̀ sí tiwa. Ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ kò ba ìwé jẹ́. Ti báǹkì la máa fi ṣe.

Báwo la ṣe lè mọ̀ lóṣooṣù pé ìwé wa tọ́? Iye mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà: èyí tó kù nínú tábìlì, èyí tó kù nínú léjà wa, àti èyí tó kù nínú sítétímẹ́ǹtì báǹkì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀ ni irú sítétímẹ́ǹtì tí wọ́n ń béèrè. Wọ́n á lọ gba ti àkáǹtì tí wọ́n ń ná owó láti inú rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé ẹyọ owó kan ṣoṣo ló sábà máa ń hàn, ₦116,985 jáde, ó tán. Báǹkì ní àkáǹtì mìíràn fún ẹ̀yáwó náà fúnra rẹ̀. Sítétímẹ́ǹtì ti ẹ̀yáwó ni kí ẹ béèrè. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí èlé tí wọ́n kà, ojú owó tí wọ́n gé, àti ìtanràn tí wọ́n bá fi kún un tí wọn kò sọ fún yín.

Tábìlì kì í ṣe àṣẹ tí kò lè yẹ̀. Ó dá lórí pé owó pé, ó sì jáde lọ́jọ́ rẹ̀. Ká sọ pé ọjà kò yá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tuntun, ₦60,000 péré ni ìyá oníbúrẹ́dì rí san gẹ́gẹ́ bí owó kẹrin. Báǹkì kò ní pín in sí méjì dọ́gbadọ́gba. Wọ́n á mú odindi èlé, ₦23,312, kí wọ́n tó fi ₦36,688 yòókù gé ojú owó. Gbèsè tó kù á di ₦895,778 dípò ₦838,793. Nínú owó karùn-ún, èlé á di ₦22,394 dípò ₦20,970, a kò sì tíì ka ìtanràn tó bá wà nínú àdéhùn. Láti ọjọ́ yẹn lọ, tábìlì àtijọ́ ti kú. Kí ẹ má ṣe máa kọ̀wé láti inú rẹ̀ mọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti orí ₦895,778.

Bákan náà ni tí ìwọ̀n èlé bá yí padà. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà àdéhùn ẹ̀yáwó ní gbólóhùn kan tó fún báǹkì láyè láti gbé èlé sókè bí nǹkan bá ṣe ń lọ nínú ọrọ̀ ajé. Ká ní lẹ́yìn owó kẹfà, nígbà tó ku ₦644,362, báǹkì kọ̀wé pé èlé ti di ìdá 33 lọ́dún. Ìdá 2.75 lóṣù nìyẹn, èlé oṣù keje á sì di ₦17,720 dípò ₦16,109. Kí gbèsè tó lè parí lọ́jọ́ rẹ̀, owó oṣooṣù á di ₦117,964. Kò dà bíi pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n bí akọ̀wé owó kò bá yí tábìlì padà, èlé inú ìwé àti èlé inú sítétímẹ́ǹtì á máa jìnnà síra wọn lóṣooṣù, kò sì ní mọ ibi tí ìyàtọ̀ ti wá.

Mo ṣèlérí pé màá padà sórí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ka èlé. Ọ̀nà náà ni èlé fíláàtì, ó sì wọ́pọ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwọn tó ń yá oníṣòwò kéékèèké lówó. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó ń gbà jáde lọ́wọ́ àwọn tó ní i díẹ̀ jùlọ.

Nínú èlé fíláàtì, ayáni-lówó á mú ìdá 30 ti odindi ₦1,200,000, ìyẹn ₦360,000, á fi kún ojú owó, àpapọ̀ ₦1,560,000. Á pín in sí méjìlá: ₦130,000 lóṣooṣù. Ó rọrùn láti ṣírò, ó sì dún bí ohun tó mọ́gbọ́n dání, nítorí ìdá 30 kan náà ni àwọn méjèèjì pè é. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lóṣooṣù, ₦30,000 èlé, ₦100,000 ojú owó. Ní oṣù kejìlá, ojú owó tó kù lọ́wọ́ ìyá yìí jẹ́ ₦100,000 péré, síbẹ̀ ó ṣì ń san ₦30,000 èlé lé e lórí, bí ẹni pé ₦1,200,000 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń san èlé lórí owó tó ti dá padà. Ó fi ₦156,187 ju ti ẹni tó san èlé lórí ìyókù gbèsè lọ. Bí a bá wá ìwọ̀n èlé tó wà nínú ₦130,000 yẹn ní òtítọ́, ká kà á lórí ohun tó kù lóṣooṣù, ó sún mọ́ 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù, ìyẹn ju 51 lọ lọ́dún. Èlé tí wọ́n pè ní 30 ti lé ní 51.

Báwo la ṣe máa kọ irú ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀ sínú ìwé? Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ₦30,000 àti ₦100,000 lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí ayáni-lówó ti pín in. Ìlànà ìṣirò owó àgbáyé, tí àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í lò láti 2012, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a wá ìwọ̀n èlé tó wà nínú owó náà ní òtítọ́, kí a fi ìyẹn ka èlé lórí gbèsè tó kù. Nínú àpẹẹrẹ wa, èlé oṣù kìn-ín-ní á lé díẹ̀ ní ₦51,000, ti oṣù ìkẹyìn á sì sún mọ́ ₦5,300. Àpapọ̀ ọdún kan náà ni, ₦360,000. Ṣùgbọ́n bí òpin ọdún ìṣirò bá bọ́ sí àárín, èrè tí a máa kéde yàtọ̀ púpọ̀.

Ìlànà kan náà ló bá àwọn owó kéékèèké tí báǹkì ń yọ níbẹ̀rẹ̀ wí. Bí wọ́n bá yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún fún ìṣàkóso ẹ̀yáwó, ₦12,000, owó tó wọ ọwọ́ ìyá oníbúrẹ́dì jẹ́ ₦1,188,000, owó tó ń san lóṣooṣù kò sì dín. Èlé òtítọ́ ti kúrò ní 30, ó ti di nǹkan bí 32. ₦12,000 yẹn jẹ́ ara iye tí ẹ̀yáwó ná an, a sì ní láti tan án ká oṣù méjèèjìlá, kì í ṣe kí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí ìnáwó oṣù kìn-ín-ní.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ló wà níbí tí kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ èlé rárá, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìyẹn. Báǹkì Jaiz ti ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà láti 2012, àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ wọn, báǹkì lè ra ẹ̀rọ náà, kí ó tà á fún yín ní iye tó fi èrè tirẹ̀ kún, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Iye ọjà ni ẹ jẹ, iye yẹn kì í sì í dàgbà mọ́ lẹ́yìn àdéhùn. Síbẹ̀, iye tí wọ́n fi ra ẹ̀rọ àti èrè tí wọ́n fi lé e gbọ́dọ̀ hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú àdéhùn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka tábìlì wa lè fi wé ti báǹkì mìíràn, kí ó mọ èyí tó wọ́n.

Kí n tó jókòó, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Ẹnikẹ́ni nínú yín tó bá fẹ́ yáwó, kí ó béèrè tábìlì ìsangbèsè kó tó fọwọ́ sí ìwé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Kí ó fi ojú wo òpó èlé. Bí èlé bá ń dín kù láti oṣù dé oṣù, orí ìyókù gbèsè ni wọ́n ti kà á. Bí ó bá dúró sójú kan láti oṣù kìn-ín-ní dé ìkejìlá, fíláàtì ni, ìdá tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà kì í sì í ṣe ìdá tí yóò san. Bí wọ́n bá kọ̀ láti fún un ní tábìlì, kí ó gba ibòmíràn lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò owó, ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá wa lọ́jà, ẹ bá wọn ya tábìlì yìí sínú ìwé kíkà wọn, pẹ̀lú pẹ́ńsù. Iṣẹ́ wákàtí kan ni.